Kọ́ mi ní fífò kí o tó gbẹ́ kòtò

Mo ṣe géèmù kékeré kan lọ́dún tó kọjá. Ojú ewé mẹ́ta ni mo fi ṣàlàyé àwọn bọ́tìnnì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ gbogbo rẹ̀ kọjá láì kà á, ó sì já sínú kòtò àkọ́kọ́. Mo kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Ṣé ẹ mọ̀, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

Ẹ wo WORLD 1-1 nínú Super Mario Bros., tó jáde ní 1985. Kò sí àlàyé kankan níbẹ̀. Nígbà tó yá, wàá rí àtẹ̀gùn méjì tó kọjú síra, ilẹ̀ sì wà láàárín wọn. Bí o bá já bọ́, o kàn máa fò jáde ni. Kété lẹ́yìn náà, àtẹ̀gùn méjì mìíràn dé, ṣùgbọ́n kòtò ló wà láàárín tiwọn. Fífò kan náà ni; ewu nìkan ló yàtọ̀.

Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn: mo dí kòtò mi àkọ́kọ́, mo gbé e síwájú díẹ̀. Mo wá jókòó sẹ́yìn ẹni tó ń ta á, mi ò sọ̀rọ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá já síbì kan náà, géèmù la máa tún ṣe.

Àmọ́ bọ́tìnnì A àti B nìkan ni Màríò fi ń fò, tó fi ń sáré. Tòde òní pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ya àwòrán bọ́tìnnì kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti máa lò ó. Ó tó.