Kí Ìròyìn Tó Kúrò Lọ́wọ́ Rẹ, Kọ́kọ́ Pe Ọ̀gá Rẹ

Nígbà tí mo ṣì wà nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi kọ ìròyìn kan nípa owó oṣù ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Orúkọ 41 ló wà nínú ìwé owó oṣù tí a kò rí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ìròyìn náà gún régé, ẹ̀rí sì wà nídìí rẹ̀. Kò dárúkọ ẹni tó tú àṣírí náà fún un. Ohun tó kọ ni pé: “Òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi ìbímọ dé, ló ṣàlàyé fún wa.”

Ó fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì sí àdírẹ́sì tí gbogbo àwa olóòtú jọ ń lò. Àwa mẹ́sàn-án la ń ka ohun tó bá wọlé síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa, tó fẹ́ mọ ohun tí alága ìjọba ìbílẹ̀ náà yóò sọ sí i, fi odindi ìròyìn náà ṣọwọ́ sí agbẹnusọ alága, ó sì bi í pé kí ni èsì wọn. Kò ní èrò ibi lọ́kàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, nítorí pé ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Àmọ́ òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ló wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó náà, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kó tó di pé ìròyìn náà jáde ni wọ́n ti gbé obìnrin náà lọ sí ibòmíràn, tòun ti ọmọ ọwọ́.

Látìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ líle ló ń sọ ìròyìn di ẹlẹgẹ́ jiyàn. Bí o bá kọ ọ́ pé alága kówó jẹ, tí ìwé ìfowópamọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ tó fi í hàn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ímeèlì gbà á. Ìròyìn mìíràn lè rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, kó má bú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tọ́ka sí ilé ẹnìkan. Ìyẹn gan-an ni kì í ṣe ohun à ń fi ránṣẹ́ kí a tó sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tí mo máa ń ní kí wọ́n bi ara wọn kò gùn. Ká ní ẹni tí ìròyìn yìí bá wí ni yóò kọ́kọ́ kà á, ta ni yóò dá mọ̀ nínú rẹ̀? Kì í ṣe orúkọ nìkan là ń wò. A ń wo iye ènìyàn tí àpèjúwe náà bá mu. Bí ó bá bá ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ mu, ó dára. Bí ó bá bá mẹ́rin mu, kí a dúró. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, a ti dárúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti Amẹ́ríkà, èyí tí ayé gbọ́ lọ́dún 2017. Reality Winner, tó ń bá ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ṣiṣẹ́, fi ìwé àṣírí kan ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìròyìn The Intercept. Láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìwé náà, àwọn akọ̀ròyìn fi ẹ̀dà rẹ̀ han ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rí i pé ìwé náà ti ká, pé ó dà bí ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà tí wọ́n sì gbé jáde. Wọ́n wá yẹ kọ̀ǹpútà wọn wò: ènìyàn mẹ́fà ló tẹ ìwé náà sórí pépà. Nínú àwọn mẹ́fà náà, ẹnìkan ṣoṣo ló ti lo kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀ láti kọ ímeèlì sí ilé iṣẹ́ ìròyìn yẹn. Lọ́dún 2018, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 63 fún un. Mi ò sọ pé bí wọ́n bá kàn fẹnu ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìwé náà lórí fóònù, ọwọ́ kò ní tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn kì í fi bí pépà ṣe ká hàn.

Bí ọ̀rọ̀ ímeèlì náà ṣe rí nìyẹn. Ó máa ń gbé ju ohun tí a kọ lọ. Fáìlì tí a so mọ́ ọn lè ní àwọn gbólóhùn tí a ti pa rẹ́ nínú, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó pa wọ́n rẹ́, bí a bá ṣí àmì àtúnṣe sílẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, ó wà lọ́dọ̀ rẹ, ó wà nínú fóònù àwa méjèèjì. Bí mo bá pa tèmi rẹ́, tìrẹ ṣì wà níbẹ̀. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nílé ẹjọ́, bí a bá ti mú àwọn ohun tí òfin náà là sílẹ̀ ṣẹ.

Kí wá ni ìpè náà wà fún? Kì í ṣe kí a ka ìròyìn láti òkè délẹ̀ sí etí ọ̀gá. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pè mí ni, ìbá ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìròyìn owó oṣù yẹn ti parí, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kẹta lè tú ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ fó. Ṣé kí n yọ ọ́ kí n tó fi ránṣẹ́?” Èmi náà ìbá bi í pé, “Ṣé ìwé owó oṣù náà kò lè dá sọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀?” Ó lè sọ ọ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wa. A kò nílò àpèjúwe obìnrin náà rárá. Lẹ́yìn náà ni à bá fẹnu kò lórí ẹni tí yóò gbà á: èmi àti agbẹjọ́rò wa nìkan, kì í ṣe àdírẹ́sì àjùmọ̀lò. À bá sì gbà pé ìbéèrè ni a ó fi ránṣẹ́ sí alága, kì í ṣe ìròyìn fúnra rẹ̀.

Fóònù náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹni tó wà lódì kejì lè máa gba ohùn rẹ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ fóònù sì ní àkọsílẹ̀ nọ́ńbà tí o pè àti àkókò tí o pè é. Nítorí náà, a kì í dárúkọ ẹni tó fún wa ní ìròyìn lórí fóònù pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ojúkojú nìyẹn. Àwọn ọ̀gá kan sì wà tí wọ́n fẹ́ràn fóònù nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tí wọ́n sọ. Wọn á ní kí o yọ orúkọ ọ̀rẹ́ wọn, bí ọ̀rọ̀ bá sì dàrú, wọn á ní àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Irú wọn ni mo rò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kọ ìlà kan ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan: “Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́, mo ti tún ìpínrọ̀ kẹta kọ.” Ìlà náà fi hàn pé a ṣèpinnu, kò sì tú ohunkóhun fó.

Ìròyìn 41 náà jáde nígbẹ̀yìn. Ohun tó wà ní ìpínrọ̀ kẹta rẹ̀ ni pé: “Ìwé owó oṣù tí a rí fi hàn pé…” Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án péré ni, kò sì dín agbára ìròyìn náà kù rárá. Nígbà tí a ó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ti wà níbi tí wọ́n gbé e lọ.