Ẹ̀yin Àgbà, Ṣé Bí A Ṣe Ń Kí Ọmọ Tó Ti Àjò Dé Nìyẹn?

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi ni mo fẹ́ bá wí, mi ò sì ní fi bò. Ní ìparí ọdún 2025, Àkànní, ọmọ wa kan tó ń tọ́jú arúgbó ní Mansẹ́sítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé sí abúlé wa lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ohun tí ojú mi rí lójúde Baálẹ̀ lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ẹ ti ń wí kiri pé ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni, ó ṣẹ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tòun ti fóònù lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún ló nà sí Baálẹ̀ pé kó bọ òun lọ́wọ́. Àkànní, o jẹ̀bi. Àgbà ló ń na ọwọ́ sí ọmọdé bó bá wù ú, ọmọdé á sì tẹ̀ ba kó tó gbà á. Ṣe ni ò bá ṣí fìlà, kí o ki fóònù bọ àpò, kí o dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí àyà rẹ kanlẹ̀, kí o má sì dìde àfi bí wọ́n bá ní kí o dìde. Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń fi oríkì ki ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń súre. Ẹni tó bá dìde kíá ti já ìre ara rẹ̀ sí méjì. Mo ti sọ èyí lójú rẹ, o sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Baálẹ̀. Tìrẹ ti tán.

Tiyín ló kù, ẹ̀yin àgbà. Ta ló ní kí ẹ túfọ̀ fún ọmọ lórí ìdúró? Ẹ mọ̀ pé àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, ti kú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwa mọ̀lẹ́bí kò jẹ́ kó gbọ́, torí kò sí ará ilé kankan lọ́hùn-ún tí yóò dì í mú. Ilé la ti fi àdéhùn sí pé a ó sọ ọ́. Kó tó wọlé, kó tó mu omi, ọ̀kan nínú yín ní: “Káàbọ̀ o. Bàbá rẹ ì bá wà láyé, inú wọn ì bá dùn. Ìwọ la ń retí fún ìnáwó òkú wọn.” Mo ń wo ọmọ náà. Ó wo ẹni tó sọ̀rọ̀, ó wo èmi, ó ní, “Bàbá wo?” Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èwo nínú yín ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? A ó fún ẹni tó ti ọ̀nà dé ní ìjókòó, a ó bu omi fún un, a ó bi í bóyá àlàáfíà ló dé. Oúnjẹ á tẹ̀ lé e. Bó bá jẹun tán, àgbà méjì tàbí mẹ́ta tó sún mọ́ ọn jù á pè é wọ yàrá, ọ̀kan á jókòó tì í gbágbáágbá. Wọn ò ní dárúkọ ikú lójijì. Àìsàn ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n gbé e lọ, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi mòye ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìgbà tó bá sunkún tán ni a ó mú un lọ sójú oórì. Ẹni tó ti jókòó sínú ọkọ̀ láti Èkó láti òwúrọ̀, tí kò fi nǹkan kan kan ẹnu, lè ṣubú lulẹ̀ bó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró.

Owó ló sì wà nídìí ìkánjú yín, èyí ló dùn mí jù. Kò tíì nu omijé tán tí ẹ ti ń ṣírò owó màlúù. Ṣé ẹ bi í ní iye tó ń gbà? Èmi bi í. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 títí di ìgbà tó dé, pọ́n-ùn 12 àti pẹ́ńsì 21 ni owó wákàtí kan tó kéré jù lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21, òun náà kò sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ ọ́ di náírà, ó ń dán lójú yín. Ẹ ò yọ owó orí, owó yàrá, owó ọkọ̀, àti owó iná tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù. Ìyàwó rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wa níbí, torí pé láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba wọn kò gbà mọ́ kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú yìí mú ìyàwó tàbí ọmọ dání. Ẹ̀yìn òfin yìí lòun lọ. Ilé méjì ló ń gbọ́ bùkátà wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ màlúù. Mo mọ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbà á. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí owó náà pé lọ́wọ́ olórí ẹbí kí Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. Kí ẹni tó túfọ̀ lójúde náà sì lọ bá a nílé, kó jókòó tì í, kó sọ bí bàbá yẹn ṣe lo ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ fún un, torí òun ló wà níbẹ̀, ọmọ náà kò sì tíì rí ẹnì kan bi.