Ẹ Má Kó Ìnáwó Wọ Ímeèlì Ọ̀fọ̀

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, bí bàbá tó gbó tó tọ́ bá papò dà, "ẹ kú ìnáwó" là ń kí ọmọ rẹ̀. Ìyẹn dáa nílé. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹgbẹ́ wa níbi iṣẹ́ ní Kútọnu bá pàdánù bàbá rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u sí Faransé! Ẹ má béèrè ọjọ́ orí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kún un. Gbólóhùn méjì tó:

"J'ai appris avec tristesse le décès de votre père. Je vous présente mes sincères condoléances."

"Décès" ni "papò dà" tiwọn. "Mort" le bí "kú". "Vous" sì ni "ẹ" tiwa. Àwọn kan ní ó kúrú, kò láàánú. Irọ́ ni! Ẹni tó ń sunkún kò ráyè ka ìwé gígùn.