Ọ̀rọ̀ Tí A Tì Pa Lójú Ọ̀nà, Tí A Ṣí Sílẹ̀ Nílé

Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Paul Manafort, tó ti fìgbà kan jẹ́ alága ètò ìpolongo ìbò Donald Trump, ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹnì kan tó ṣeé ṣe kí ó wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́ náà. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyẹn ti dé iwájú adájọ́. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ó ń gbìyànjú láti darí ẹnu ẹlẹ́rìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, adájọ́ fagi lé béèlì rẹ̀, ó sì rán an lọ sí àtìmọ́lé.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń sọ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ di àdìtú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ta ló wá tú àdìtú Manafort? Kò sẹ́ni tó tú u. Ọ̀nà méjì ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbà rí i: wọ́n yẹ àpò ìpamọ́ rẹ̀ lórí iCloud wò, ẹni tó kọ̀wé sí náà sì kó èyí tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ fún wọn. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ó yẹ kí ènìyàn mọ ibi tí ààbò yìí bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí àbúrò kan ní Ìbàdàn bá fi àwòrán káàdì báńkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, fóònù àbúrò ni yóò ti àwòrán náà pa kí ó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí yóò ṣí i wà nínú fóònù ẹ̀gbọ́n nìkan. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ WhatsApp kọjá. Nítorí náà, ẹni tó bá dènà de àwòrán náà lójú ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà tàbí WhatsApp fúnra rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan ju jágbajàgba lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ti gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, fóònù ẹ̀gbọ́n á ṣí i kí ó lè rí i kà. Láti ìgbà náà lọ, àwòrán lásán ni. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti ní kí fóònù òun máa ṣe àdàkọ ohun gbogbo lóòru sórí Google Drive tàbí iCloud, àdàkọ káàdì náà yóò bá wọn lọ. Níbẹ̀, bí kò bá tíì yan ìdáàbòbò mìíràn, àdìtú ti WhatsApp kò bò ó mọ́. Ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà àpò ìpamọ́ náà, tàbí ìjọba tó bá mú ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ni ín, lè dé ibẹ̀.

Ìdáàbòbò náà wà láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ènìyàn yóò wọ Settings, lẹ́yìn náà Chats, lẹ́yìn náà Chat backup, yóò sì tan End-to-end encrypted backup. Ó lè yan ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì lè gba kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 64. Bí ó bá sọ ọ́ nù, WhatsApp kò lè bá a wá a, àpò náà sì ti di òkú. Bóyá ẹ̀rù èyí ló jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà fi í sí ìkòkọ̀, kí ó tó di pé ẹni tó bá wù wá a kàn. Àwáwí tí kò tó ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń kọ ọ́ sókè gbogbo ìtàkùrọ̀sọ pé òun kò lè kà á yẹ kó béèrè lọ́wọ́ oníbàárà, lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ tan ìpamọ́, bóyá ó fẹ́ kí ẹlòmíràn lè kà á.

Èyí tó tún burú ni pé títan tí àbúrò bá tan tirẹ̀ kò kan ti ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà wà ní ilé méjì. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ẹbí elénìyàn ogójì ni, ó wà ní ogójì ilé.

Ti yíya àwòrán ojú fóònù kò tilẹ̀ ní oògùn. WhatsApp kì í sọ fún ẹni tó kọ̀wé pé wọ́n ti ya ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, àwòrán tí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi View once kò ṣeé yà láti inú fóònù kan náà, ṣùgbọ́n kí ni yóò dá ẹni tó bá gbé fóònù kejì sí i lójú dúró? Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń pa rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méje náà ti fún olùkà ní ọjọ́ méje gbáko láti yà á. Káàdì àbúrò ìbá ti sàn bí ó bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì ka nọ́ńbà náà sí i létí.