Owó Òru Àbámẹ́ta

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n; ṣùgbọ́n àìsàn tó gbé àbúrò mi ṣánlẹ̀ ní òru Àbámẹ́ta kan kò ránṣẹ́ síwájú. ₦600,000 ni mo fi pamọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ nítorí pé Ajé Ògúgúlùsọ̀ a máa tan ọmọ ènìyàn, mo ti kó gbogbo rẹ̀ sí fíísì dìpọ́síìtì ọlọ́jọ́ 90, nítorí èlé. Ọjọ́ kejìlélọ́gọ́ta rèé, tí ilé ìwòsàn ń béèrè ₦150,000 kí wọ́n tó gbé aláìsàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, tí èmi sì di ìwé ẹ̀rí owó lọ́wọ́ bí ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ àká mú, tí àká wà lóko. Aládùúgbò ló yá mi lówó. Ọjọ́ Ajé ni mo tó rí ẹni kọ lẹ́tà sí ní báńkì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni owó jáde, wọ́n sì ti gé lára èlé náà nítorí pé mo já àdéhùn.

Kí ni mo tilẹ̀ ń lé? Ká ní fíísì ń san 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí àkáǹtì ìfowópamọ́ ń san 8: láàárín 90 ọjọ́, ₦600,000 yóò bí nǹkan bí ₦22,200 lọ́hùn-ún, yóò sì bí ₦11,800 níhìn-ín, kí ìjọba tó yọ owó orí tirẹ̀. Nítorí ₦10,400 ni mo ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Àkáǹtì ìfowópamọ́ kò sì ṣòfo tó bí a ti rò, nítorí láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé èlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n èlé tí òun fúnra rẹ̀ ń kéde. Kìkì pé, ní ọ̀pọ̀ báńkì, ẹni tó bá gbowó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù ti pàdánù èlé oṣù náà. Àkáǹtì yìí kò yẹ ní àpò ọjà.

N kò bá fíísì jà o. Owó náà ti pé padà: ₦200,000 rẹ̀ wà ní àkáǹtì ìfowópamọ́ báyìí fún òru. ₦400,000 tó kù, tó lè dúró di ọjọ́ Ajé, ni mo pín sí fíísì méjì tí ọjọ́ wọn kò papọ̀, kó lè jẹ́ pé bí ó bá di dandan kí n já ọ̀kan, èlé èkejì kò ní fara gbá. Mo sì ti ní kí báńkì má ṣe máa tún un dè fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ bá pé, torí ẹlòmíràn a dé ibẹ̀ ní ọjọ́ tó rò pé owó òun ti bọ́, kó sì bá a pé àdéhùn tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti àná.

Àwọn báńkì kan wà tí ènìyàn ti lè já fíísì lórí fóònù. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bi tiyín léèrè: bí mo bá fẹ́ owó yìí lóru Àbámẹ́ta, ọjọ́ wo ni yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́, èlé mélòó ni yóò sì bá a lọ?