Ẹ Bi Wọ́n Pé Èló Ni Gbogbo Rẹ̀

Nígbà ìsinmi tó kọjá, bàbá mi mú lẹ́tà kan bọ̀ láti báǹkì. Wọ́n fẹ́ yá a ní mílíọ̀nù 10 náírà kó fi kún owó ọwọ́ rẹ̀ láti ra ilé kékeré kan ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, iye kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wa nílé: ₦154,331 lóṣooṣù. Òṣìṣẹ́ báǹkì ti sọ fún bàbá mi pé, “Dádì, ogún ọdún la fún yín, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára.”

Mo lòdì sí gbólóhùn yẹn, ìdí nìyí tí mo fi kọ àròkọ yìí. Iye tí à ń san lóṣooṣù kọ́ ni iye tí ilé máa ná wa. Ẹni tó bá fi owó oṣooṣù nìkan han òbí, ojú kan owó ló fi hàn án, ó fi ojú kejì pamọ́.

Mo mú bírò. Ogún ọdún jẹ́ oṣù 240. Mo fi 240 sọ ₦154,331 di púpọ̀, ó sì di mílíọ̀nù 37 náírà ó lé díẹ̀. Mílíọ̀nù 10 la yá. Màmá mi ní kí n tún un ṣe, bóyá mo ṣì í. N kò ṣì í.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Oṣooṣù ni báǹkì ń ṣírò èlé lórí gbèsè tó bá kù. Èlé inú lẹ́tà náà jẹ́ ìdá 18 nínú 100 lọ́dún, ìyẹn ìdá kan àti ààbọ̀ lóṣù kan. Lórí mílíọ̀nù 10, èlé oṣù àkọ́kọ́ nìkan jẹ́ ₦150,000. Nínú ₦154,331 tí bàbá mi máa san, ₦4,331 péré ló máa dín ojú owó kù. Àwọn baba ńlá wa mọ irú èyí. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Bó ti wù kó pẹ́ tó níbẹ̀, ojú owó kò dín títí wọ́n á fi rí i san. Ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀yáwó ilé ọlọ́jọ́ gígùn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìwọ̀fà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí gígùn ọdún ń ṣe, ká sì lo èlé tí kò ga. Ètò owó ilé ìjọba àpapọ̀, èyí tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, tí wọ́n ń yọ ìdá 2.5 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ fún, máa ń yáni lówó ní èlé ìdá 6 lọ́dún, ó sì lè tó ọgbọ̀n ọdún. Tí a bá yá mílíọ̀nù 10 fún ọgbọ̀n ọdún, a ó máa san nǹkan bí ₦59,955 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ á sì lé ní mílíọ̀nù 21. Tí a bá yá a fún ọdún 15, a ó máa san nǹkan bí ₦84,386, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ mílíọ̀nù 15 ó lé díẹ̀. Owó kan náà, èlé kan náà, ṣùgbọ́n ó fi mílíọ̀nù 6 ó lé yàtọ̀. Ẹni tó mú ọgbọ̀n ọdún á ti san owó fún ọdún 21 gbáko kí gbèsè rẹ̀ tó dín dé ìdajì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Síbẹ̀, gígùn ọdún nìkan kọ́ ni mo ń bá jà. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù wà ní ojú ìwé kẹrin lẹ́tà yẹn, ní lẹ́tà wínníwínní: báǹkì lè yí èlé padà bí ọjà owó bá ṣe rí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, èlé tí báǹkì àgbà orílẹ̀-èdè yìí gbé kalẹ̀, tí àwọn báǹkì yòókù ń wò, jẹ́ ìdá 11.5. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti di ìdá 27.5.

Nítorí náà mo ṣírò ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi. Ká ní ó san owó fún ọdún méjì láìyẹ̀. Á ti san ₦3,703,944, síbẹ̀ gbèsè á ṣì ku nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.88. Ká wá ní èlé gòkè láti 18 dé 24. Èlé oṣù kan á di nǹkan bí ₦197,500. Ẹ wò ó dáadáa: owó tó ń san tẹ́lẹ̀ kò tó èlé mọ́. Bí wọ́n bá fún un ní ọgọ́rùn-ún ọdún pàápàá, gbèsè á máa wú ni. Kí ó tó lè san án tán nínú ọdún 18 tó kù, ó ní láti máa san nǹkan bí ₦200,300. Bí èlé kò bá tún yí mọ́, gbogbo rẹ̀ á súnmọ́ mílíọ̀nù 47.

Olùkọ́ ìṣirò wa ta kò mí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní náírà ń rọ̀, pé ₦59,955 kò ní níye lórí bẹ́ẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sí i, àti pé èlé tó ń gòkè lè sọ̀kalẹ̀ lọ́la. Mo gbà. Bí èlé bá dúró ní ìdá 6 tí ọjà ń wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún gígùn lè gbe ẹni tó yáwó, nítorí owó tó fúyẹ́ ló máa fi san án. Ṣùgbọ́n èlé tó dúró ló ní àǹfààní yẹn. Bí náírà bá rọ̀ tí èlé sì ń yí padà, báǹkì á sún èlé tirẹ̀ sókè, owó oṣù olùkọ́ kò sì ní tẹ̀lé e. Bí ọdún bá ṣe gùn tó ni ilẹ̀kùn náà ṣe máa ṣí pẹ́ tó. Tí èlé bá lè sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ti báǹkì àgbà bá sọ̀, tiwa náà á sọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa, ẹ má tọwọ́ bọ̀wé lórí owó oṣooṣù nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: Èló ni gbogbo rẹ̀ títí dé oṣù ìkẹyìn? Ṣé èlé yìí dúró títí dé òpin, àbí ọdún kan tàbí méjì péré ló fi dúró? Tó bá fi ìdá 6 gòkè, èló ni a ó máa san? Tí a bá rí owó san ṣáájú, ṣé yóò dín ojú owó kù, àbí ẹ ó bu owó ìtanràn lé wa? Báǹkì tó bá fẹ́ ire wa, ojú ìwé àkọ́kọ́ ló yẹ kó kọ ìdáhùn wọ̀nyí sí, kì í ṣe ojú ìwé kẹrin.

Bàbá mi padà lọ bi wọ́n. Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó ń béèrè gbogbo ìyẹn. Bàbá mi ká lẹ́tà náà, ó fi sápò, ó sì wá sílé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ ìdá 2.5 nínú owó oṣù rẹ̀. Ìwé ẹ̀yáwó ti ìjọba ló ń kọ lọ́wọ́ báyìí. Èmi ni mo ń bá a ṣírò rẹ̀. Ọdún 15 ni a kọ síbẹ̀.