Ìwọ̀n Àìdán Nínú Àwòrán Ilé Ìdáná

Àwòrán kọ̀ǹpútà tí agbaṣẹ́ṣe fi sínú ìwé àbá iṣẹ́ rẹ̀ ni onílé fi ń yan òkúta tí wọn yóò tẹ́ sórí pèpéle ilé ìdáná. Nínú ètò Blender, nọ́ńbà tí ó ń pinnu bí òkúta náà yóò ti dán tó ni wọ́n ń pè ní Roughness. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “gbágungbàgun” ṣi onílé lọ́nà. Gíránáìtì dúdú tí wọ́n mú kí ó máa dán, àti irú rẹ̀ tí wọ́n kàn lọ̀ lásán, àwọn méjèèjì ni ó jọ̀lọ̀ lọ́wọ́. Ojú ni ó ń mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 0.05, gílóòbù abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yóò hàn lójú òkúta bí ẹni pé nínú dígí ni. Bí ó bá jẹ́ 0.4, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò fọ́n ká, kò ní ní àwòrán gílóòbù mọ́. “Ìwọ̀n àìdán” ni ó bá a mu: 0 dán bíi dígí, 1 kò dán rárá. Ọ̀dà ara kọ́bọ́ọ̀dù pàápàá kò yọ sílẹ̀.

Síbẹ̀, òkúta dídán kò lè dán nínú àwòrán bí kò bá sí ohun tí ó mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ayàwòrán mìíràn ṣe ń fi iná pamọ́ sí ibi tí ojú kò tó. Bí ìlà ìmọ́lẹ̀ bá wà lójú òkúta, tí kò sì sí fèrèsé tàbí gílóòbù tí ó lè fà á, kí onílé béèrè ibi tí iná náà yóò wà nínú ilé gan-an kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.